Ọmọ Tó Ń Sanra Tí Kò Ga: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹṣẹ́ Táírọ́ìdì

Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan n'Íbàdàn

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin àgbà tó jókòó síwájú, mo kí yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ pọnmọ wá, ẹ kú ọmọ lẹ́yìn, Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera àwọn ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, a ò lè sọ ọ́ tán lónìí. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo mú wá: kí ẹṣẹ́ táírọ́ìdì tó wà lọ́rùn ọmọ má ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Mo mú un nítorí pé àìsàn yìí kì í jẹ́ kí ọmọ ké, ara rẹ̀ kì í gbóná, kì í bì, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹ ọjọ́ orí rẹ̀ mọ́ ọn lára, oògùn rẹ̀ sì wà.

Kí n bi yín ná. Ta ló lè sọ iye tí ọmọ rẹ̀ fi ga sí i láti ìwòyí èṣí? Ẹ má sọ kíláàsì tó wà fún mi o, ẹ má sọ ipò tó gbà. Gíga ni mo ń bèèrè. Ọwọ́ tí mo rí kò pọ̀. Ẹ fi ìbéèrè yẹn sọ́kàn, a ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ọmọ tí wọ́n mú wá nítorí inú kíkún

Ọmọ kan wà tí mo máa pè ní Àdùkẹ́. Orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ọmọ ọdún 10 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un wá sí kílíníìkì wa. Kí ló gbé wọn wá? Kì í ṣe àìga. Ìgbẹ́ ló ń ni ọmọ lára. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún kó tó yàgbẹ́, bó bá sì fẹ́ yà á, á fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Wọ́n ti fún un ní oògùn aràn, wọ́n ti fún un ní ìbẹ́pẹ jẹ, wọ́n ti ra oríṣiríṣi omi oògùn.

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọmọkùnrin kan wọlé, tó ga ju Àdùkẹ́ lọ dáadáa. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ìyá ní, "Rárá o, dókítà, àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ọdún 8 ni. Àdùkẹ́ jọ ìyá bàbá rẹ̀ ni, màmá yẹn náà ò ga." Mo wá wo aṣọ ilé ẹ̀kọ́ tó wà lọ́rùn ọmọ náà. Nígbà tí télọ̀ rán an, ó ṣẹ́ etí rẹ̀ po nísàlẹ̀, kí wọ́n lè máa tú u bí ọmọ bá ṣe ń ga. Ọdún kẹta rèé tó ti ń wọ aṣọ náà, ẹnikẹ́ni ò tíì tú ìṣẹ́po yẹn. Àwọ̀ aṣọ ti ṣá lóde, inú ìṣẹ́po ṣì ń dán. Ìbàdí nìkan ni wọ́n ti tú, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì tú u, torí pé ọmọ náà ń sanra.

Ẹ gbọ́ o: wọ́n tú ìbàdí, wọn ò tú ẹsẹ̀ aṣọ. Ká ní mo ní ọ̀rọ̀ kan péré láti sọ lónìí, ohun tí mo máa sọ nìyẹn. Ọmọ tí oúnjẹ pọ̀jù sọ di sísanra máa ń ga, kódà ó sábà máa ń ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ tí kò rí oúnjẹ jẹ máa ń gbẹ kó tó di pé kò ga mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń tẹ̀wọ̀n sí i tí gíga rẹ̀ dúró lójú kan, ẹ bi í dáadáa. Nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ tí Àdùkẹ́ ń lọ ṣe dáadáa, wọ́n máa ń wọn àwọn ọmọ ní gbogbo oṣù kẹsàn-án. Nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 6, ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 113. Ní ọdún 7, 117. Ní ọdún 8, 118 àti ààbọ̀. Ní ọdún 9, 119 àti ààbọ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, 120 àti ààbọ̀. Ọmọ tó wà ní ọjọ́ orí yẹn yẹ kó máa fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 ga lọ́dọọdún. Tiẹ̀ ti lọ sílẹ̀ di 1. Ta ló sì rí i? Kò sẹ́ni tó rí i, torí pé àwọn òbí ń rí ọmọ wọn lójoojúmọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Nígbà tí a wá ń bèèrè ọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Òtútù máa ń mú un, súwẹ́tà kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, àní nínú oṣù kẹta tí ooru ń mú gbogbo wa. Awọ ara rẹ̀ gbẹ, ìpara kì í mú un. Ojú rẹ̀ wú díẹ̀ láàárọ̀. Eyín ọmọdé ṣì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pààrọ̀ púpọ̀ nínú tiwọn. Ọkàn rẹ̀ ń lu jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́ jù fún ọmọdé. Bó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, oorun ni. Ìwé rẹ̀ ńkọ́? Ìwé rẹ̀ dára! Tíṣà rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé èsì rẹ̀ pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í dààmú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin olùkọ́, mi ò bá yín wí o. Ọmọ tó bá dákẹ́ nínú kíláàsì tó kún fún ariwo, ta ni yóò rò pé àìsàn ló ń ṣe é?

Kí ni ẹṣẹ́ yìí ń ṣe nínú egungun ọmọ?

Ẹ fọwọ́ kan iwájú ọrùn yín, nísàlẹ̀ gògóńgò. Ẹ gbé itọ́ mì. Ẹṣẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tó tẹ́ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun. Táírọ́ìdì ni wọ́n ń pè é. Òun náà ló ń wú tí a fi ń sọ pé ẹnì kan ní gẹ̀gẹ̀. Áyódíìnì inú oúnjẹ ló fi ń ṣe họ́mọ̀nù rẹ̀, ó sì ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Họ́mọ̀nù yìí ló ń sọ fún ara bí yóò ṣe yára tó: bí ọkàn ṣe máa lù, bí ìfun ṣe máa ṣiṣẹ́, bí ara ṣe máa móoru.

Lára ọmọdé, iṣẹ́ mìíràn tún wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní etí egungun gígùn ọmọ, níbi orúnkún, níbi ọrùn ọwọ́, apá kan wà tí kò tíì le. Ibẹ̀ ni egungun ti ń gùn. Inú ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn nǹkan tíntìntín tó para pọ̀ di ara, ti ń pọ̀ sí i, tí wọ́n ń tóbi, tí wọ́n sì ń di egungun gidi. Bí họ́mọ̀nù táírọ́ìdì kò bá tó, wọn ò ní tóbi bó ṣe yẹ, wọn ò sì ní di egungun lásìkò. Kò tán síbẹ̀. Họ́mọ̀nù ìdàgbà tó ń ti inú orí wá náà kò ní jáde tó, èyí tó sì jáde kò ní ríṣẹ́ ṣe dáadáa. Ọ̀nà méjì ló dí pọ̀, ìyẹn ni gíga ọmọ fi lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá.

Ìdí kan náà ni a fi ń ya àwòrán ẹ́ksíréè ọwọ́ òsì ọmọ, láti mọ ọjọ́ orí egungun rẹ̀. A ya ti Àdùkẹ́. Ọmọ ọdún 10 ni, egungun ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ ọdún 6. Ìyá rẹ̀ sunkún nígbà tó gbọ́. Mo sọ fún un pé kó nu ojú rẹ̀, torí pé ìròyìn náà ní apá tó dára nínú. Egungun tí kò tíì gbó kò tíì pa, ibi tó ti ń gùn ṣì ṣí sílẹ̀, ó ṣì lè gùn.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló wá fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Orúkọ méjì lẹ ó rí lórí ìwé èsì: TSH àti Free T4. Free T4 ni họ́mọ̀nù tí táírọ́ìdì fúnra rẹ̀ ṣe. TSH ni ìránṣẹ́ tí ẹṣẹ́ kan nísàlẹ̀ ọpọlọ ń rán sí i pé kó ṣiṣẹ́. Ẹ wo ìyá tó ń pe ọmọ tó wà níta. Bí ọmọ bá dáhùn, ohùn ìyá á rọlẹ̀. Bí ọmọ ò bá dáhùn, ohùn ìyá á máa lọ sókè títí àdúgbò á fi gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni TSH ṣe ń lọ sókè bí táírọ́ìdì kò bá jẹ́ ìpè. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọ́n dá, TSH kì í kọjá nǹkan bíi 4 tàbí 5. Ti Àdùkẹ́ ju 100 lọ. Free T4 rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí.

Ẹ óò bi mí pé kí ló fà á. Lára ọmọ tó ti ń lọ ilé ẹ̀kọ́, èyí tó wọ́pọ̀ jù níbi tí áyódíìnì bá ti tó nínú oúnjẹ ni pé àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà, á kọjú sí ẹṣẹ́ náà, wọ́n á máa bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ará Japan kan, Hakaru Hashimoto, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní 1912, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àìsàn náà títí dòní. Ó máa ń ṣe ọmọbìnrin ju ọmọkùnrin lọ, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé. Níbi tí áyódíìnì kò bá ti tó, àìtó rẹ̀ náà lè fà á. Ẹ máa ra iyọ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé áyódíìnì wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì máa dé e dáadáa. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kò ní wo irú ti Àdùkẹ́ sàn. Èpè kọ́, àfọwọ́fà ìyá kọ́, oúnjẹ tí wọ́n fún un kọ́ ló fà á.

Ti ọmọ jòjòló yàtọ̀

Kí n tó lọ sórí ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ nítorí àwọn tó pọnmọ. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí wọn láìní ẹṣẹ́ yìí rárá, tàbí tí ẹṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́. Tiwọn ò ṣeé fi falẹ̀ rárá, torí pé láàárín ọdún méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ọpọlọ ń lo họ́mọ̀nù yìí láti fi dàgbà. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ oògùn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọpọlọ wọn á dára. Bó bá di oṣù púpọ̀, ara á dàgbà, ṣùgbọ́n ti ọpọlọ, aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Ní Britain, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ ní gìgísẹ̀ gbogbo ọmọ tuntun láti wá a. Níhìn-ín, a ò tíì máa ṣe é fún gbogbo ọmọ. Nítorí náà, bí ojú ọmọ bá pọ́n bíi ti ibà pọ́njú ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tó ń sùn jù, tí kò mu ọmú dáadáa, tí ahọ́n rẹ̀ tóbi, tí ohùn ẹkún rẹ̀ há, tí ìdodo rẹ̀ yọ síta, ẹ má ṣe dúró gbọ́ "ara ló ń yá a". Ẹ ní kí wọ́n yẹ TSH rẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, irú Àdùkẹ́, ọpọlọ rẹ̀ ti kọjá ewu yẹn. Ara ló falẹ̀.

Oògùn náà àti bí a ṣe ń lò ó

Ní 1891, nílùú Newcastle lórílẹ̀-èdè England, dókítà kan tó ń jẹ́ George Murray fa oje jáde láti inú ẹṣẹ́ táírọ́ìdì àgùntàn, ó sì fi abẹ́rẹ́ gún un sára obìnrin kan tí àìsàn yìí ti sọ di ìdàkudà. Obìnrin náà sàn, ó sì lo ọdún 28 sí i láyé. Lónìí, a ò nílò àgùntàn mọ́. Oògùn oníhóró kékeré ni, lẹfotairọsíìnì ni orúkọ rẹ̀, họ́mọ̀nù kan náà tí ẹṣẹ́ yẹ kó ṣe gan-an ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó ṣaláìsí nínú ara ni a dá padà.

Ìwọ̀n ọmọ àti ọjọ́ orí rẹ̀ la fi ń ṣírò rẹ̀. Ó lè yà yín lẹ́nu pé bí ọmọ bá ṣe kéré tó ni ìwọ̀n rẹ̀ lórí kílò kọ̀ọ̀kan ṣe ń pọ̀ tó: ọmọ tuntun ń gba máíkírógíráàmù 10 sí 15 lórí kílò kan, ọmọ ọdún 10 ń gba nǹkan bíi 2 sí 4. Kílò 30 ni Àdùkẹ́. A fojú sun 75. Ṣùgbọ́n a ò fún un ní 75 lọ́jọ́ kìíní, torí pé ara rẹ̀ ti pẹ́ nínú ìfàsẹ́yìn, a ò fẹ́ kó ta gìrì. A bẹ̀rẹ̀ ní 25, a gbé e dé 50, kó tó di 75, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 tó ti ń lo 75, a tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò.

Lílò rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Àárọ̀ ni, kí ọmọ tó jẹun, omi lásán ni kó fi gbé e mì, kó sì dúró bí ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí kan kó tó fẹnu kan ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, oògùn egungun tó ní kálísíọ́ọ̀mù, àti mílíìkì sóyà, àwọn wọ̀nyí máa ń gbá oògùn náà mú nínú ìfun, kò ní wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wákàtí mẹ́rin wà láàárín wọn. Mo rántí ìyá kan tó ń fún ọmọ lóògùn láìpa ọjọ́ kan jẹ, síbẹ̀ TSH kò wálẹ̀. Ṣíbí kan náà ló ń fi oògùn ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e! Nígbà tó sún oògùn ẹ̀jẹ̀ di alẹ́, èsì dára.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló le jù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí pé ibẹ̀ ni àwọn òbí ti máa ń já oògùn sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìgbẹ́ Àdùkẹ́ tú, súwẹ́tà bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ó fọn, kílò mẹ́ta lọ. Omi tó dúró sára ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Irun rẹ̀ já díẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ọjọ́sí wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri, ó ń bá àbúrò rẹ̀ jà, tíṣà fi ẹjọ́ sùn pé kì í jókòó mọ́, máàkì rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Ìyá rẹ̀ sáré wá: "Dókítà, ẹ ti ba ọmọ mi jẹ́. Ọmọ tí ò rù tẹ́lẹ̀ ti ń rù, kì í gbọ́ràn mọ́."

Mo lóye rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ọmọ tó ti falẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ló jí, òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ bí yóò ṣe lo agbára náà. Ó máa ń rọlẹ̀. Irun náà á hù padà. Ohun tó yẹ kí ẹ sáré mú wá ni orí fífọ́ tó le pẹ̀lú èébì tàbí ojú tó ń ríran bàìbàì. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ oògùn. Bí ọkàn ọmọ bá ń sáré, tí kò rí oorun sùn, tó ń làágùn ju bó ṣe yẹ, ó lè jẹ́ pé oògùn ti pọ̀jù. Ẹ má dín in kù fúnra yín. Ẹ wá, ká yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Gíga ńkọ́? Ní ọdún kìíní, Àdùkẹ́ fi sẹ̀ǹtímítà 11 ga! Ọmọ tó ń fi 1 ga lọ́dún. Ìyá rẹ̀ tú ìṣẹ́po aṣọ yẹn, kò tó, wọ́n ra òmíràn. Ní ọdún kejì, ó fi 8 kún un. Ara ọmọ mọ ibi tó yẹ kó dé, bí ohun tó dí i lọ́wọ́ bá ti kúrò, á máa sáré lọ síbẹ̀.

Ṣé gbogbo gíga tó sọnù ló ń padà?

Mi ò ní tàn yín jẹ. Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Bí a bá fi gíga bàbá àti ìyá Àdùkẹ́ ṣírò, ó yẹ kó dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 162. Ó dúró sí 156. Kí ló jẹ mẹ́fà yẹn? Nígbà tí oògùn wọlé, kì í ṣe gíga nìkan ló ń sáré, ọjọ́ orí egungun náà ń sáré. Láàárín ọdún kan, egungun lè gbó ju ọdún kan lọ. Lẹ́yìn náà ni àsìkò bàlágà dé. Nígbà bàlágà, ọmọ á ga gan-an, ṣùgbọ́n ìgbà náà ni ojú egungun ń pa. Bó bá ti pa, oògùn kankan ò lè ṣí i mọ́. Ìwádìí kan tí àwọn dókítà nílẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1988 fi hàn pé bí ọmọ bá ṣe pẹ́ tó nínú àìsàn yìí kó tó rí ìtọ́jú ni gíga tó máa pàdánù ṣe ń pọ̀ tó. Ọmọ tí wọ́n bá tètè rí, tó ṣì jìnnà sí bàlágà, á lé ẹgbẹ́ rẹ̀ bá. Àìtètèmólè, olè ń mólóko.

Ní ti pé ìgbà wo ni yóò fi oògùn sílẹ̀: ọ̀pọ̀ ọmọ yóò lò ó títí ayé. Kí ara yá kọ́ ni àmì pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Oògùn ló jẹ́ kí ara yá. A máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní bíi oṣù mẹ́fà mẹ́fà títí ọmọ á fi dàgbà tán, torí pé bó bá ṣe ń tóbi sí i ni ìwọ̀n oògùn ń yí padà. Àwọn omi oògùn tí wọ́n ń polówó pé ó ń mú ọmọ ga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó yẹn ṣe àyẹ̀wò TSH.

Bí a ṣe ń wọn ọmọ

Mo ní a ń bọ̀ lórí ìbéèrè yẹn. Kí ọmọ bọ́ bàtà. Kó fẹ̀yìn ti ògiri, kí gìgísẹ̀, ìdí àti èjìká kan ògiri, kó wo iwájú gan-an. Ẹ̀yin ìyá, bí irun bá jẹ́ ṣùkú, ẹ tú u kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí pé ṣùkú lè fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta mẹ́rin purọ́ fún yín. Ẹ fi ìwé líle tẹ orí ọmọ, kó dọ́gba, ẹ fa ilà sára ògiri, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ tún un ṣe. Ẹ má wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan, ẹ ó kàn máa dààmú ara yín ni.

Láti ọmọ ọdún 4 títí di bàlágà, bí gíga ọdún kan kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 4, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì mú ìwé tí ẹ kọ ọ́ sí dání. Kì í ṣe gbogbo irú rẹ̀ ló jẹ́ táírọ́ìdì. Àìsàn kíndìnrín, àìsàn ọkàn, àìjẹunre kánú, wọ́n wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti táírọ́ìdì ni ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè fi hàn. Ọmọ tó bá ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà irú èyí tó ń lo abẹ́rẹ́ láti kékeré, tàbí ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àrùn Dáùn, ẹ má dúró de àmì kankan. Ẹ máa yẹ tiwọn wò lọ́dọọdún.

Àwọn nọ́ọ̀sì méjì wà ní kíláàsì tó wà lápá ọ̀tún yẹn pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀n. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ, wọ́n á kọ gíga wọn sórí káàdì fún yín kí ẹ mú un lọ sílé. Ìyá tó nawọ́ lẹ́yìn yẹn, tó wọ ìró àdìrẹ, mo ti rí yín láti ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ máa bèèrè ìbéèrè yín, mà.